Ọ̀rọ̀ Ìyá Oyèrónkẹ́ àti Kíbọ́ọ̀dù Tó Ń Fọ Faransé

Bí ènìyàn bá sọ ọ̀rọ̀ kan, tí kò sí ẹni tó rántí rẹ̀ mọ́, tí kò sì sí ìwé tó gbà á sílẹ̀, ṣé ọ̀rọ̀ náà ṣì wà níbìkan? Ẹni tó ń kọ ìtàn yìí ti gbàdúrà lórí ìbéèrè náà, ó ti gbààwẹ̀ lé e lórí, kò tíì rí ìdáhùn. Ìwé Mímọ́ ní gbogbo ọ̀rọ̀ asán tí a bá sọ ni a ó jíhìn rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe asán ńkọ́?

Ọwọ́ Rúùtù Jayéọlá ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti bọ́.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Rúùtù. Nígbà tí ó wà ní ọmọge, ní ọdún 1988, ó kọ́ iṣẹ́ táípù ní ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan lọ́nà Òwódé. Ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Adébáyọ̀, a máa fi aṣọ bo ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ orí ẹ̀rọ kí wọ́n má baà rí lẹ́tà. "Ìka ló ń ríran níbí," ni ọkùnrin náà máa ń wí. "Ojú yín, ìwé ni kó máa wò." Ẹni tó bá yọjú wo ọwọ́ ara rẹ̀, rúlà a bá a lóríkèé ìka. Ẹ̀rọ oníná kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, iná ibẹ̀ sì gbé ọmọbìnrin kan lọ́jọ́ tó fẹ́ fa bébà tó há sínú rẹ̀ yọ. Láti ọjọ́ náà ni Ọ̀gbẹ́ni Adébáyọ̀ ti ṣe é lófin pé ẹ̀rọ tó bá ń ṣe wérewère, ẹ kọ́kọ́ pa á, kí ẹ tó wo ohun tó ń ṣe é. Òfin méjèèjì wọ Rúùtù lára bí ilà ojú.

Ó táípù ẹjọ́ fún àwọn lọ́yà l'Ọ́yọ̀ọ́, ó fẹ́ Jayéọlá awakọ̀, ó bá a wá sí Ògbómọ̀ṣọ́, ibẹ̀ ló ti bí Ìmísí, tí gbogbo ènìyàn fi ń pè é ní Ìyá Ìmísí. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, ó kọ́ ọ, ó sì ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ táípù iṣẹ́ àṣekágbá wọn ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Under G nítòsí yunifásítì títí tí olúkúlùkù fi ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀, tí ṣọ́ọ̀bù náà sì kú. Nǹkan kan wà nípa Rúùtù tí àwọn tí kò mọ iṣẹ́ náà kì í gbàgbọ́. Ohun tó bá ń táípù kì í dúró lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ á gba etí wọlé, á gba ìka jáde, orí á sì máa ronú ọbẹ̀ alẹ́. Ẹ bi í léèrè ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ táípù tán, yóò ní kí ẹ jẹ́ kí òun kà á ná.

Nígbà tí ìjọ Aládùúrà tí Rúùtù ń lọ lẹ́yìn ọjà Takie pinnu láti kọ ìtàn ayé Ìyá Wòlíì Oyèrónkẹ́, tó dá ìjọ náà sílẹ̀, Rúùtù ni wọ́n pè. Ìyá ti darúgbó kùjọ́kùjọ́. Òwúrọ̀ nìkan ni ọpọlọ wọn ń jí dáadáa. Tí oòrùn bá ti yọ tán, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn tó ti kú sọ̀rọ̀. Dókítà sì ti sọ ọ̀rọ̀ tí dókítà máa ń sọ fún àwọn ọmọ nígbà tó bá kù díẹ̀.

Ìyá kò gbà kí wọ́n gba ohùn àwọn sílẹ̀. "Kí n kú tán kí ohùn mi máa kígbe nínú fóònù ọmọlọ́mọ? Olúwa má jẹ̀ẹ́." Wọ́n ní kí Rúùtù fi bíìrò kọ ọ́, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ kò ṣe é fi di nǹkan mú pẹ́ láti ọjọ́ tí ọ̀kadà ti gbé e ṣubú. Táípù nìkan ni ọwọ́ náà ṣì ń jẹ́ fún. Ẹ̀rọ àtijọ́ sì ń pariwo ju ohun tí orí arúgbó lè gbà lọ.

Bí tábúlẹ́ẹ̀tì ṣe wọ̀ ọ́ nìyẹn. Fọlábí, àbúrò Rúùtù, wà ní Àbíjàn níbi tí ìdajì ará Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń ṣòwò. Ó fi tábúlẹ́ẹ̀tì tó ń lò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ránṣẹ́. Rúùtù ra kíbọ́ọ̀dù kékeré aláìníwáyà lọ́wọ́ Yẹ̀kínì, tó ń ta nǹkan fóònù ní Takie. Yẹ̀kínì so méjèèjì pọ̀ fún un, iná kékeré orí kíbọ́ọ̀dù sì tàn. Rúùtù wo lẹ́tà orí rẹ̀. Bí wọ́n ṣe tò ó sórí ẹ̀rọ Ọ̀gbẹ́ni Adébáyọ̀ náà ni. Ó ní, "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ẹ̀rọ mi ti padà wá." Kò dán an wò. Ta ni í dán ọwọ́ ara rẹ̀ wò?

Òwúrọ̀ àkọ́kọ́, ó wọ sùtánà funfun rẹ̀, ó jókòó síwájú Ìyá. Ìyá ní, "Kí ni o fẹ́ gbọ́?"

Rúùtù béèrè èyí tí gbogbo ìjọ ń fẹ́ gbọ́. Wọ́n máa ń kọrin nípa rẹ̀, wọ́n sì ń fi wàásù: ọmọ tí Ìyá gbàdúrà fún ní Ìkòyí-Ilé, tí ó kú tí ó sì jí. Àwọn kan ní láti àárọ̀ dalẹ́ ni ọmọ náà fi kú. Àwọn kan ní gìrì lásán ni. Ti Wòlíì Samuel, tó ń darí ìjọ báyìí, ló tóbi jù. Lẹ́nu tirẹ̀, wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ tán. Ìyá fúnra wọn kò sọ ọ́ rí. Bí ìjọ bá ń kọ orin náà, Ìyá a máa wo ilẹ̀.

Lọ́jọ́ náà wọ́n sọ ọ́. Wọ́n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọ́n dúró lẹ́ẹ̀mejì láti nu ojú. Rúùtù ń wo ẹnu wọn bí Ọ̀gbẹ́ni Adébáyọ̀ ti kọ́ ọ, ìka rẹ̀ ń sáré. Kò wo ojú tábúlẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí Ìyá parí, wọ́n fi orí lélẹ̀, oorun gbé wọn lọ.

Rúùtù wá wo ohun tó kọ.

Ibi tí ó yẹ kí "Oluwa" wà, "Oluzq" ló wà níbẹ̀. "Aladura" ti di "Qlqdurq". Ọdún 1987 tí Ìyá dárúkọ di "&ç_è". Gbogbo ibi tí "Mo" ti bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, àmì ìbéèrè ló dúró níwájú "o". Bí ó ti rí láti òkè délẹ̀ nìyẹn, ojú ewé lójú ewé, bí ọ̀rọ̀ ẹni tí ibà gbé.

Ó sáré pe Wòlíì Samuel láti yàrá kejì. Wòlíì wo ojú ẹ̀rọ náà títí.

"Ìyá Ìmísí, kí ni ẹ tẹ̀?"

"Ohun tí Ìyá sọ ni mo tẹ̀, Wòlíì."

"Èyí?"

"Ẹ̀rọ yìí ló ń yí i!"

Wòlíì ronú. "Ẹ tẹ orúkọ Jésù."

Rúùtù tẹ̀ ẹ́. "Jesu" jáde, ó mọ́ roro.

"Háà!" Wòlíì fò dìde. "Ẹ tẹ Sàtánì."

Ohun tó jáde ni "Sqtqni".

"Ṣé ẹ rí i? Ogun ni! Kò lè fọwọ́ kan Orúkọ yẹn, ṣùgbọ́n ó ń da ẹ̀rí rú. Sàtánì alára, kò jẹ́ kí á kọ orúkọ òun kí á má baà bá a wí. Ẹ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, Ìyá Ìmísí. A kì í gbàdúrà lórí ohun àìmọ́. Kó mọ́ féfé, kí á tó da òróró sí i."

Ẹni tó ń kọ èyí kò fi Wòlíì ṣe ẹlẹ́yà. Ká ní òun náà wà níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí òun ṣe àmín.

Rúùtù fẹ́ fi Kọntíróòlù àti A mú gbogbo rẹ̀ pọ̀, bí wọ́n ti ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Kò mú nǹkan kan. Ó wá di bọ́tìnnì ìparẹ́ mú, ó sì ń wo ọ̀rọ̀ Ìyá bí ó ti ń fà sẹ́yìn, ìlà lẹ́yìn ìlà, bí omi tí wọ́n ṣí ihò rẹ̀ nísàlẹ̀ agbada, títí ojú ewé fi funfun.

Ọkàn rẹ̀ wá ní kò yẹ kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tẹ Kọntíróòlù àti Z, èyí tó máa ń dá ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe padà. Kò sí ohun tó padà. Ó tún un tẹ̀. Ó fi agbára tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ó sú u, ó tẹ Esc lókè lápá òsì, bí ó ti máa ń ṣe ní Under G bí nǹkan bá ta kókó. Lórí kọ̀ǹpútà, Esc a kàn fagi lé nǹkan, ènìyàn á sì wà níbi tó wà. Lórí tábúlẹ́ẹ̀tì, "padà sẹ́yìn" ló jẹ́. Ojú ewé pa dé lójú ẹsẹ̀, ẹ̀rọ sì tọ́jú rẹ̀ ní òfìfo, bí ó ti bá a.

Wòlíì da òróró. Ó da díẹ̀ sórí kíbọ́ọ̀dù pẹ̀lú. Wọ́n ṣe àmín. Rúùtù tún tẹ Oluwa, Oluzq ló rí.

"Ó kù díẹ̀ káàtó," ni Wòlíì wí, ó sì jáde.

Nígbà tí oòrùn mú, Rúùtù gbéra lọ sí Takie, ó fi kíbọ́ọ̀dù náà lélẹ̀ níwájú Yẹ̀kínì bí ẹni fi ẹja tó ti bàjẹ́ lélẹ̀ níwájú alẹ́ja.

"Yẹ̀kínì, gba ọjà ẹ."

"Ìyá Ìmísí, ẹ kú ọ̀sán. Kí ló dé? Ọ̀rá wo nìyí lára rẹ̀? Ṣé ẹ fi dín àkàrà ni?"

"Òróró àdúrà ni. Máa rẹ́rìn-ín."

Yẹ̀kínì kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó nu kíbọ́ọ̀dù náà, ó so ó mọ́ fóònù ara rẹ̀, ó tẹ orúkọ ara rẹ̀ àti ti ìyàwó rẹ̀ Ràmọ́tà. Gbogbo rẹ̀ gún régé. "Kíbọ́ọ̀dù kò ní àìsàn," ló wí. Ó wá gbé tábúlẹ́ẹ̀tì. "Ẹ̀n-ẹ́n. Èdè wo ni eléyìí ń sọ? Ta ló ní in tẹ́lẹ̀?"

"Àbúrò mi, Àbíjàn."

"Faransé ni, Ìyá Ìmísí! Faransé ló ń bá yín fọ̀." Ó yí èdè ojú ẹ̀rọ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti parí, ló wí. Inú Rúùtù dùn tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ní kó dán an wò níṣojú òun. Àwọn oníbàárà mìíràn sì ti dúró.

Òwúrọ̀ kejì, Oluzq náà ló tún jáde. Ìyá sọ díẹ̀ nípa bàbá wọn, ó rẹ̀ wọ́n, wọ́n dákẹ́. Rúùtù jáde síta pẹ̀lú ẹ̀rọ méjèèjì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ wọ́n sínú kànga. Ó pe Yẹ̀kínì lórí fóònù.

"Ẹ má bínú, Ìyá Ìmísí. Èdè tí ojú ẹ̀rọ ń sọ, ọ̀tọ̀ ni. Ètò tó fún kíbọ́ọ̀dù, ọ̀tọ̀ ni. Ẹ ṣí sẹ́tìnsì. Ẹ wá ibi èdè àti ìkọ̀wé. Ẹ ó rí i tí wọ́n kọ 'physical keyboard' síbẹ̀. Ibẹ̀ la máa wọ̀."

Rúùtù pa kíbọ́ọ̀dù ná. Ẹ̀rọ tó bá ń ṣe wérewère, a kọ́kọ́ pa á. Ó wá ṣí sẹ́tìnsì, ó sì ń fi ìka lọ láti òkè délẹ̀.

"Mi ò rí i."

"Ó wà níbẹ̀, Mọ̀mí."

"Yẹ̀kínì, ojú mi kò fọ́. Mo rí èdè. Mo rí ti kíbọ́ọ̀dù ojú gíláàsì. Mi ò rí èyí tí o wí."

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sí i."

"Mo ti sọ̀ kalẹ̀ títí mo fi dé ìsàlẹ̀! Ṣé kí n gbẹ́ ilẹ̀ ni?"

Báyìí ni wọ́n fi jẹ owó fóònù tán. Lálẹ́ ọjọ́ náà Rúùtù kúnlẹ̀, kò sì rí nǹkan sọ fún Ọlọ́run ju pé ó sú òun lọ. Ó rò ó pé bóyá Wòlíì ló tọ̀nà. Ó rò ó pé bóyá Ọlọ́run kò fẹ́ kí a kọ ìtàn náà ni. Èrò kẹta wá, èyí tí kò fẹ́ rò: bóyá kò sí ẹni tó ń ṣe nǹkan kan rárá, bóyá ẹ̀rọ lásán ni. Ó dìde, ó paná.

Ọjọ́ kẹta, ó tún padà sí Takie. Ó fi tábúlẹ́ẹ̀tì han Yẹ̀kínì. Yẹ̀kínì wọ sẹ́tìnsì, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún gòkè. Òun náà kò rí i.

"Ṣé o ti gbà báyìí?" ni Rúùtù wí.

"Ìyá Ìmísí, kíbọ́ọ̀dù náà dà?"

"Ó wà nínú báàgì. Mo pa á."

"Ẹ pa á?"

"Ṣé kí n máa tú ẹ̀rọ tí iná wà lára rẹ̀ ni?"

Yẹ̀kínì di orí mú. "Bí kò bá tàn, kò sí lójú tábúlẹ́ẹ̀tì. Ohun tí kò rí, kò ní fi yín mọ ilé rẹ̀. Ẹ tan án."

Ó tan án. Ní ìṣẹ́jú kan náà, ìlà tuntun yọ sójú sẹ́tìnsì, "Physical keyboard", bí ẹni tó ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn látàárọ̀. Yẹ̀kínì tẹ̀ ẹ́, ó tẹ orúkọ kíbọ́ọ̀dù, ètò rẹ̀ sì hàn: Faransé. Ó yan èyí tí wọ́n pè ní English, US. Rúùtù tẹ Oluwa. "Oluwa" jáde. Ó tẹ Aladura, ó tẹ Amin, ó tẹ 1987. Omijé bọ́ lójú rẹ̀ láàárín ọjà.

"Kí ló wá ń ṣe tẹ́lẹ̀?" ló béèrè.

"Àwọn Faransé kò to lẹ́tà tiwọn bí tiwa. Ibi tí A wà lọ́dọ̀ wa, Q ló wà lọ́dọ̀ wọn. Ibi Z wa, W ni tiwọn. M wọn wà ní ibòmíràn pátápátá. Àwọn nọ́ńbà náà, àfi kí èèyàn di Shift mú. Ohun tí wọ́n kọ sórí bọ́tìnnì, kò kan tábúlẹ́ẹ̀tì. Ipò rẹ̀ ló ń kà. Àwọn lẹ́tà yòókù sì wà bí tiwa."

Rúùtù ka lẹ́tà orúkọ yẹn lọ́kàn. Jesu. Kò sí A níbẹ̀. Kò sí W, kò sí M. Ìdí nìyẹn tó fi mọ́ roro.

Lẹ́yìn náà ni nǹkan mìíràn gbá a láyà. "Yẹ̀kínì. Ó túmọ̀ sí pé gbogbo ibi tí Q wà, A ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ibi tí Z wà, W ni. Gbogbo rẹ̀ ṣeé kà."

"Ó ṣeé kà dáadáa. Ẹ kàn máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ni. Ẹ ṣì ní in lọ́wọ́?"

"Mo ti pa á rẹ́." Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Mo tẹ Kọntíróòlù àti Z kí ó padà. Kò padà."

Yẹ̀kínì wo ilẹ̀. Ì bá dára kó dákẹ́, ṣùgbọ́n olóòótọ́ ni. "W ni ẹ̀rọ kà á sí, Ìyá Ìmísí. Ká ní ẹ tẹ Kọntíróòlù àti W nígbà náà, ì bá padà. Ẹ tún wá tẹ Esc, ojú ewé pa dé. Ìrántí ohun tí ẹ ṣe bá a lọ."

Ó fẹ́ tù ú nínú, ó fi àwọn ìyókù hàn án. Alt àti Tab láti kúrò nínú iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn ń ṣiṣẹ́ bí ti kọ̀ǹpútà. Alt àti F4 tí ó máa ń fi pa nǹkan dé kò ṣe nǹkan kan níbí. Rúùtù ń mi orí, kò gbọ́ ọ̀kan.

Láti ọjọ́ náà, táípù ń lọ geere. Ìyá sọ ti ìgbéyàwó wọn, wọ́n sọ bí ìjọ ṣe bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà, Rúùtù sì gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láìsí àṣìṣe. Ṣùgbọ́n ti Ìkòyí-Ilé, kò sí. Kò sì rántí. Ó dùbúlẹ̀, ó wá a nínú orí rẹ̀, ohun tó rí kò ju ìró ìka rẹ̀ lọ, àti pé Ìyá nu ojú lẹ́ẹ̀mejì.

Ó wólẹ̀ níwájú Ìyá, ó jẹ́wọ́ fún wọn.

Ìyá fi ọwọ́ lé e lórí. "Mi ò bínú. Ṣùgbọ́n Rúùtù, ọ̀rọ̀ yẹn, ó pẹ́ kí n tó lè gbé e. Mo ti gbé e kalẹ̀ níwájú rẹ. Èmi kì í gbé ẹrù kan náà kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì níwájú ẹnì kan. Bí ẹlòmíràn tí kò bi mí rí bá wá béèrè, ìyẹn yàtọ̀."

"Wòlíì Samuel ńkọ́, Ìyá?"

Ìyá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Samuel kò nílò rẹ̀. Ó ti ní tirẹ̀."

Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, Rúùtù bá ẹni tó ń kọ ìtàn yìí níbi tó ti ń wá bàtà rẹ̀ láàárín bàtà ìjọ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún un bí a ti kọ ọ́ yìí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí àwọn méjèèjì ti jọ ń jọ́sìn. Rúùtù mọ̀ pé nígbà tí wọ́n bá ń kọ orin ọmọ Ìkòyí-Ilé, ẹnu ẹni náà kì í ṣí tán. Ó mọ̀ pẹ̀lú pé kò tíì bi Ìyá rí, kì í sì í ṣe nítorí àìráyè.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni Rúùtù wí, ó di apá sùtánà ẹni náà mú, "òwúrọ̀ àná, Ìyá kò mọ̀ mí fún ìgbà díẹ̀. Ẹ bá mi dé ibẹ̀ lọ́la kí oòrùn tó yọ. Èmi á jókòó sẹ́yìn, màá kàn máa tẹ̀ ẹ́ ni. Ẹ̀yin ni kí ẹ bi wọ́n bóyá ọmọ yẹn kú lóòótọ́."